Ẹ Fi Ẹ̀yìn Ìkòkò Sílẹ̀, Ẹ Tún Iná Ṣe

Èrò kan wà tí ọ̀pọ̀ Yorùbá kì í jiyàn lé lórí: pé ẹni tí ẹ̀yìn ìkòkò rẹ̀ bá dúdú, ọ̀bùn ni. Ìyàwó tuntun mọ̀ ọ́n, ìyá ọkọ mọ̀ ọ́n, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé náà kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n. Tí oúnjẹ bá tán, tí wọ́n fọ inú ìkòkò tó mọ́ lóló, iṣẹ́ kò tíì parí. Wọ́n á dojú ìkòkò délẹ̀, wọ́n á da yanrìn tàbí eérú sí ìdí rẹ̀, wọ́n á sì fi kànrìnkàn tàbí sípọ́ńjì onírin gbo ó títí irin funfun yóò fi yọ. Bí kò bá dán bíi dígí, ẹni tó fọ̀ ọ́n gbà pé òun yóò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ti pẹ́ tó láti jiyàn rẹ̀. Dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò kì í ṣe ìdọ̀tí tó ń ṣe oúnjẹ níbi, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé obìnrin kan kò mọ ilé tọ́jú. Ẹ̀rí bí iná ṣe jó ni. Gbígbo tí à ń gbo ó kúrò dé orí irin ń fi agbára èèyàn ṣòfò, ó ń fi omi ṣòfò, ó ń jẹ ìkòkò, ó sì ń mú kí iná tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Bí dúdú náà bá nípọn, tó ń bọ́ sílẹ̀ bí èèpo, ohun mìíràn nìyẹn, a ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí àwùjọ wa fi ń wọn ìmọ́tótó nídìí ìkòkò, ìyẹn pé kó dán, òun gan-an ló yẹ ká sọ nù.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lójú ayé, kó gba ọ̀nà Èkó sí Badagry kó dé Alábà Rágò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, nítòsí ọjà ńlá tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti rédíò. Àwọn ará Òkè Ọya ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àgbò ni wọ́n ń tà, àti ẹ̀wà, àlùbọ́sà, ata gbígbẹ, pẹ̀lú òkìtì irin àlòkù tí àwọn tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù kó jọ. Ọjà tó bá ní èrò tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun, nítorí náà àwọn olóúnjẹ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń se ìrẹsì, ẹ̀wà àti túwó nínú ìkòkò ńláńlá lórí igi àti èédú. Bí a bá kúrò níbẹ̀ tí a wọ Ìbá tàbí Òkókómáíkò, inú ilé àwọn ayálégbé ni èédú wà, lórí sítóòfù onípáànù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní sítóòfù Àbáchà. Láti ìgbà tí owó gáàsì ìdáná ti kọjá ₦1,000 fún kílò kan, ẹni tó ti gbé sítóòfù náà jù sí ẹ̀yìn ilé ti lọ gbé e padà. Pẹ̀lú èédú ni ọ̀rọ̀ ìdí ìkòkò dúdú padà wọlé, ìbáwí tó máa ń bá a rìn sì padà pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ni dúdú yìí gan-an? Igi tó bá ń jó dáadáa máa ń yí padà di atẹ́gùn gbígbóná, ooru omi àti eérú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn tútù kò bá tó o, tàbí tí ọwọ́ iná bá gbá ìkòkò tó kún fún omi tútù kó tó jó tán, apá kan nínú igi náà kì í jó. Ó máa ń di ẹ̀rún tó kéré jù ìyẹ̀fun lọ, èyí tó máa ń gun òkè pẹ̀lú èéfín, tó sì máa ń sinmi lé ohun àkọ́kọ́ tó bá pàdé. Ìdí ìkòkò ni ohun àkọ́kọ́ náà. Igi tútù ló burú jù. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ pé ìdajì ìwúwo rẹ̀ ni omi. Igi tó gbẹ dáadáa nínú afẹ́fẹ́ kì í ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí omi. Ooru tó yẹ kó jó èéfín ni omi náà máa ń gbà, èéfín tí kò jó náà ló sì máa ń di ọ̀dà.

Nítorí náà, oríṣi méjì ni dúdú, ẹni tó bá fọwọ́ kan ìkòkò lè mọ èyí tó jẹ́. Èyí àkọ́kọ́ gbẹ, ó rí bí ìyẹ̀fun, ó máa ń dì mọ́ ìka, ó sì máa ń bọ́ bí a bá fi bébà nù ún. Ọwọ́ iná tó gbá ìkòkò tútù, tàbí igi tí wọ́n kì jọ tí afẹ́fẹ́ kò fi ráyè wọlé, ló máa ń fà á. Èkejì dán díẹ̀, ó le bí ọ̀dà, kì í bọ́ bí a bá nù ún, bí ó bá sì gbóná ó máa ń rùn. Igi tútù ni ìyẹn. Èédú ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú dúdú wá, nítorí pé ohun tó ń di èéfín nínú igi ti jó kúrò nígbà tí wọ́n ń sun ún. Ẹni tó bá dáná èédú tí ìdí ìkòkò rẹ̀ sì dúdú kirikiri, kó wo ohun tó fi ṣáná: ọ̀rá nylọ́ọ̀nù, rọ́bà tàbí kẹrosínì tó dà sí i ló ń kùn ún. Ìyẹn ni ẹ̀rí tí ìkòkò ń jẹ́, kò sì bá ìwà ẹni tó fọ̀ ọ́n tan rárá.

Ìtàn pẹ̀lú kò ti èrò dídán yìí lẹ́yìn. Àwọn ìyá wa tó ń fi ìṣaasùn amọ̀ sebẹ̀ lórí ààrò mẹ́ta kò wá ìdán lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé amọ̀ kò ní ìdán láti wá. Ìkòkò Dada ní Ìlọrin, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ọ́n láti ìran dé ìran, wọ́n máa ń fi omi èèpo igbá wọ́n ọn nígbà tó bá ṣì gbóná láti inú iná, kó lè ní àwọ̀ dúdú kó sì lè di omi mú. Dúdú jẹ́ àmì pé ìkòkò ti gba iná, pé ó ti tó lò. Òwe tí gbogbo ilé mọ̀ wá láti ìgbà náà: inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbo ìkòkò náà kí ẹ̀kọ tó lè funfun. Alumíníọ̀mù ló gbé ìdán wọlé. Ìkòkò tuntun rẹ̀ máa ń tàn nígbà tí a bá rà á lọ́jà, a sì gbà pé bó ṣe rí lọ́jọ́ náà ló yẹ kó máa rí títí ayé.

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni pe dúdú ní ìdọ̀tí, ó yẹ kó mọ ohun tó ń ṣe fún ooru. Ọ̀nà méjì ni ooru ń gbà dé ìdí ìkòkò lórí igi: afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń kọjá lára rẹ̀, àti ìtànṣán tó ń jáde láti inú ẹyin iná. Lórí èédú, ìtànṣán yìí ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà; ẹyin iná tó pupa, tí kò ní ọwọ́ iná gíga, ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Alumíníọ̀mù tó dán máa ń dá èyí tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìtànṣán náà padà sí ibi tó ti wá. Ìdí ìkòkò tó dúdú máa ń gbà á wọlé. Èyí tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń wọ inú rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ èyí tí kò ní bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí òun fi ń fi sípọ́ńjì onírin sọ ìkòkò òun di dígí ní òwúrọ̀, tí òun sì ń fi èédú olówó gọbọi bá dígí náà jà ní ọ̀sán.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán nìyí lè dán an wò ní ilé. Kó wá ìkòkò méjì tó dọ́gba, kó gbo ìdí ọ̀kan títí yóò fi dán, kó fi dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lára èkejì. Kó bu omi lítà mẹ́ta sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wọn èédú kan náà, ìdajì kílò, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó lo sítóòfù kan náà lẹ́yìn tó bá ti tutù, ní ibi tí afẹ́fẹ́ kì í ti fẹ́, kó sì dé ìkòkò méjèèjì ní ìdérí. Kó wá fi aago wo èyí tó kọ́kọ́ hó. Lẹ́yìn náà kó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò kejì, kí ó má bàa jẹ́ pé ẹyin iná tó le ló jẹ́ kí ọ̀kan yára.

Níbí ni ó yẹ kí a ti fún àwọn alátakò ní ẹ̀tọ́ wọn. Òótọ́ ni pé dúdú tó nípọn kò dára. Ẹ̀rún dúdú náà fúyẹ́, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í sì í jẹ́ kí ooru kọjá. Alumíníọ̀mù máa ń jẹ́ kí ooru kọjá ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju dúdú bẹ́ẹ̀ lọ. Bí dúdú náà bá ti nípọn tó ìdajì mílímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti di aṣọ òtútù tí a wọ̀ fún ìkòkò, iná á máa jó, omi kò sì ní tètè hó. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń sọ pé kí a má fọwọ́ kan ìdí ìkòkò. Ohun tí à ń sọ ni ibi tó yẹ kí a dúró sí. Èyí tó bá bọ́ ní ọwọ́ bí a bá nù ún, kó lọ. Èyí tó bá kù, tó tín-ínrín, tó lẹ̀ mọ́ irin, tó sì kọ̀ láti bọ́, kó dúró. Òun ló ń ṣiṣẹ́ fún wa.

Iyàn tó kù ni ti ìlera, òun náà ló sì gba ọkàn jù, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe aláìmọ̀. Wọ́n ní dúdú èéfín ní májèlé nínú. Wọ́n tọ̀nà. Lọ́dún 1775, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Percivall Pott kọ̀wé pé àwọn tó ń gbálẹ̀ ihò èéfín ilé máa ń ní jẹjẹrẹ lára awọ abẹ́ wọn nítorí dúdú tó ń wọ́ sí wọn lára. Lónìí, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ dúdú èéfín mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú sí ibi tí májèlé náà wà. Kò lè gba inú irin wọlé sínú ọbẹ̀. Ara ẹni tó ń fọwọ́ kàn án, tó sì ń fà á sí imú, ni ó ti lè ṣe ohun tó ṣe fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù náà. Ẹni tó wà ní ewu jù ní ìdí ìkòkò ni ọmọbìnrin tó jókòó sórí àpótí, tó fi yanrìn gbígbẹ gbo ó, tí dúdú náà ń fò sókè bí eruku sí ojú àti imú rẹ̀, tó sì ń wọnú pápá èékánná rẹ̀. Bí ìlera bá ni wọ́n ń rò, òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò.

Ìtìjú tún kan ọ̀rọ̀ yìí ju ìlera lọ. Àwọn wolé-wolé ayé àtijọ́ ní Èkó mọ ohun tí wọ́n ń wá: wọ́n máa ń yọjú wo inú àmù bóyá tanwíjí wà nínú omi, nítorí pé ẹ̀fọn ń ti ibẹ̀ jáde, ẹ̀fọn sì ń gbé ibà kiri. Ohun tó lè pa èèyàn ni wọ́n ń wò. Dídán ìdí ìkòkò jẹ́ àyẹ̀wò tí àwa fúnra wa gbé ka ara wa, ó sì wà láti dá obìnrin kan lẹ́jọ́ níwájú obìnrin mìíràn. Kò wo omi, kò wo ìrẹsì tó ṣẹ́ kù láti àná, kò wo ọwọ́ tó fi ń bu oúnjẹ.

Ẹ wo ohun tó ń ná àwọn èèyàn. Ká ní ogún ìṣẹ́jú péré ni ọmọ kan fi ń gbo ìdí ìkòkò lójúmọ́. Ìyẹn ju wákàtí méjì lọ lọ́sẹ̀, ó sì tó nǹkan bí wákàtí 120 lọ́dún, iye tó tó ọjọ́ márùn-ún tọ̀sán-tòru. Èyí jẹ́ ti ìkòkò kan ṣoṣo. Olóúnjẹ tó ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní láti sọ ọ́ di ìlọ́po. Omi tún wà níbẹ̀. Ní àdúgbò tí kò ní omi ẹ̀rọ, mẹ́rúwà ló ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé pẹ̀lú jálákánù tí a ń rà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn á wá fi omi tó rà fọ ohun tí kò fa ìpalára, á sì fi èyí tó kù wẹ ọmọ.

Ìkòkò náà sì ń sanwó. Alumíníọ̀mù jẹ́ irin rírọ̀. Yanrìn le jù ú lọ, sípọ́ńjì onírin le jù ú lọ. Gbogbo gbígbo ń gé díẹ̀ kúrò. Díẹ̀díẹ̀ ni ìdí á máa tín-ín, pàápàá ní àárín, níbi tí èèyàn ń tẹ ọwọ́ mọ́ jù, títí tí ìdí yóò fi wọ inú, tí kò ní jókòó dáadáa lórí ààrò mọ́. Ìrẹsì yóò máa jóná ní ojú kan ṣoṣo. Eérú tí àwọn kan fẹ́ràn kò sàn jù yanrìn. Omi tí ó bá sẹ́ láti inú eérú ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, agbára rẹ̀ sì máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Bí a bá gbàgbé eérú tútù sára ìkòkò di ọjọ́ kejì, àmì rẹ̀ á hàn. Sódà kọ́sítíìkì burú jù. Ó máa ń hó lórí alumíníọ̀mù, á sì jẹ ẹ́ lójú èèyàn. Ní Alábà Rágò, irú ìkòkò tó ti tín-ín tó sì lu báyìí máa ń bá irin àlòkù lọ, wọ́n á tà á lórí òṣùwọ̀n, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á sì dà á sínú yanrìn di ìkòkò mìíràn, nítorí alumíníọ̀mù kì í nílò ju 660 dígíríì Sẹ́líṣíọ̀ọ̀sì lọ kó tó yọ́. Ó dára pé kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n owó ìkòkò tuntun ti jáde láti inú àpò olóúnjẹ, ó sì jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló gé ti àtijọ́ kúrú.

Kí wá ni ó yẹ kí a ṣe? Ẹ jẹ́ ká mú olóúnjẹ kan bí àpẹẹrẹ, irú èyí tó ń se ìkòkò ìrẹsì ńlá kan fún àwọn aláàárù ọjà. Ní ìgbà òjò, igi tó rà ti tutù. Ní àárọ̀, èéfín á bo ojú rẹ̀, ìdí ìkòkò á di ọ̀dà tí kò ṣe é nù, ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ á sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà pẹ̀lú sípọ́ńjì onírin. Bí wọ́n bá sọ fún un pé kó túbọ̀ gbo ó, wọn kò tíì sọ nǹkan kan. Iná ni àìsàn náà, ìdí ìkòkò kàn ń fi hàn ni.

Igi ni kó kọ́kọ́ tọ́jú. Kó ra èyí tí yóò lò ní oṣù tó ń bọ̀ nísinsìnyí, kó là á kéré bí ọrùn ọwọ́, kó tò ó sábẹ́ páànù níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè gba àárín rẹ̀ kọjá, kó má sì jẹ́ kó fara kan ilẹ̀. Igi gbígbẹ máa ń là ní orí, bí a bá sì fi méjì kan ara wọn, ohùn rẹ̀ máa ń dún wáwá. Èyí tó tutù máa ń dún kúbú. Bí a bá ti kì í sínú iná, omi á máa hó jáde ní ìdí rẹ̀, yóò sì máa ké ṣíí. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn yẹn ti mọ ohun tí yóò rí lẹ́yìn ìkòkò lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà, kó fi àyè sílẹ̀ fún iná. Igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń kan ara wọn ní orí, tó ń tì wọlé díẹ̀díẹ̀, sàn ju òkìtì igi lọ. Kí ìdí ìkòkò fi nǹkan bí 15 sẹ̀ntímítà jìnnà sí ilẹ̀, kí ọwọ́ iná lè jó tán kó tó kàn án. Bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ooru á ṣòfò sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá sì wálẹ̀ jù, iná á kú sára ìkòkò, dúdú á sì pọ̀. Fún èédú, kó má fi nylọ́ọ̀nù tàbí rọ́bà ṣáná mọ́. Igi wẹ́wẹ́ gbígbẹ díẹ̀ ló yẹ, kó sì dúró kí èédú pupa kó tó gbé ìkòkò lé e. Èédú pupa kì í ṣe èéfín tó hàn sí ojú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn ń jáde lára rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n má ṣe dáná rẹ̀ nínú iyàrá tí wọ́n tì, ìbáà jẹ́ ní ìgbà òjò.

Ẹni tí kò bá tún fẹ́ rí dúdú rárá, ọ̀nà tó rọrùn wà fún un kó tó dáná, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kó po ọṣẹ lílẹ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀ títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ, kó fi ra ẹ̀yìn àti ìdí ìkòkò, kó dúró ní ìka méjì sí ẹnu rẹ̀ kí ọṣẹ má bàa wọ oúnjẹ, kó jẹ́ kó gbẹ kó tó gbé e kaná. Amọ̀ tó kúnná náà máa ń ṣe é. Dúdú á jókòó sórí ọṣẹ, kò ní fọwọ́ kan irin. Bí ìkòkò bá tutù, omi á gba abẹ́ rẹ̀, ọṣẹ náà á sì gbé dúdú lọ pẹ̀lú kànrìnkàn lásán. Ìdíwọ́ rẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ tún ṣe é ṣáájú gbogbo ìdáná, àti pé lórí iná ọ̀sán gbogbo, apá kan lè jó kúrò. Fún ìkòkò ńlá ọjọ́ ìnáwó, tí wọ́n yá láti ọ̀dọ̀ oníkòkò, ó pé púpọ̀.

Fún ìyókù, ìgbà tó bá tutù ni kó fi omi wọ́n ọn, kó fi aṣọ àkísà tútù nu èyí tó bá bọ́, kó sì ṣe é ní gbangba. Tútù rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí eruku dúdú wọ imú. Bí ó bá fẹ́ tò ó sínú ìkòkò mìíràn, kó fi bébà tàbí aṣọ sí àárín wọn, kí ìdí tòkè má bàa kun inú ti ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tó kù kò ju ìyẹn lọ.

Ohun kan wà tó ju ìkòkò lọ nínú gbogbo èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín inú ilé, tó ń ti ìdáná tí kò dára jáde, pa èèyàn tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ ní ọdún 2020. Dúdú tó wà nídìí ìkòkò ni apá díẹ̀ tó dúró. Èyí tó pọ̀ jù ti wọ ihò imú àwọn tó dúró ti iná: olóúnjẹ, ọmọ tó ń fẹ́ iná, ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nígbà tí a bá sọ fún obìnrin pé ẹ̀yìn ìkòkò rẹ̀ dúdú, tí a kò sì bi í léèrè igi tó fi ń dáná, ẹ̀rí ni a fọ̀ nù, ìwà ọ̀daràn náà sì wà níbẹ̀ ní ọ̀la.

Ẹ̀yin ìyálé, ẹ̀yin tó ń yá ìkòkò fún ìnáwó, ẹ̀yin tó ń gba ọmọ ọ̀dọ̀: bí ọmọ bá gbé ìkòkò dé, ẹ fi ìka yín tọ́ inú rẹ̀ wò, ẹ wo ibi tó bá ti di èèpá, ẹ wo ẹnu rẹ̀, ẹ wo ìdérí. Bí ìwọ̀nyí bá mọ́, ẹ gbà á. Ẹ má ṣe rán ọmọ náà padà sí ìdí ẹ̀rọ omi nítorí dúdú tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn. Ẹ fi owó tí ẹ fẹ́ fi ra sípọ́ńjì onírin ra igi gbígbẹ.